Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Àbúrò ọkọ mi kan wà tí mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, mo bá a ní géńdé gíga tó ń tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Ìyálé mi ti ń pè é ní Agúntáṣọ́ọ́lò nítorí pé gbogbo aṣọ ló ń dúró dáadáa lára rẹ̀, èmi náà sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìyàwó kì í la ẹnu pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. A máa ń wá èyí tí a ó máa pè é fúnra wa ni. Èyí tí a wá fún un yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ wa ní Darkuman lọ́wọ́ wa.

Òmìnira Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Yàrá méjì la háyà ní Cow Lane ní Accra, gbogbo wa ló sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fẹ́ yí padà lórí ẹní, á kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó sùn tì í. Darkuman kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi yangàn nígbà yẹn. Oko gbágùúdá ni. Nígbà tí ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ yìí da owó jọ tí wọ́n ra ilẹ̀ kan níbẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan láàárín àwọn Gã tó ni ìlú Accra, àwọn ará ilé wa ń fi wá ṣẹ̀sín pé a fẹ́ lọ bá ọ̀yà gbé. A kò dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ti sùn ní Cow Lane nígbà òjò mọ ìdí tí a kò fi dá wọn lóhùn.

Wọ́n ti sanwó tán. Ohun tó kù ni ìwé. Baba àgbà tó jẹ́ olórí ìdílé tó ta ilẹ̀ kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ni yóò tẹ̀ sí i níwájú akọ̀wé lọ́yà. Wọ́n ti dá ọjọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan, baba ò lè dìde. Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún wa pé ọsibítù ti ní kó wá gba ibùsùn lọ́la, àwọn fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣí ikùn rẹ̀, nítorí náà òní ni yóò wá tẹ̀ka. Ọkọ mi ti lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Kumasi. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀ dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà, ọkọ mi sì ránṣẹ́ pé kí a má dúró de òun, pé ẹni tó ta ilẹ̀ ni ìka rẹ̀ ṣe pàtàkì, àwọn tó rà á lè fọwọ́ sí i tí àwọn bá dé.

Báyìí ni èmi àti ìyálé mi ṣe gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì lọ́yà náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. A mọ̀ pé bí baba yìí bá wọ ọsibítù láìtẹ̀ka, tí kò sì jáde mọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò di olórí ìdílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ní ọ̀rẹ́ kan, agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé. Agbaṣẹ́ṣe náà ti da yanrìn sẹ́bàá ilẹ̀ wa. Kò tíì dà á sórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dà á sí, bí ẹni tó ń dúró de nǹkan.

A bá baba lórí àga tìmùtìmù tó jẹ́ ti lọ́yà fúnra rẹ̀. Ó fi aṣọ Gã rẹ̀ bo èjìká méjèèjì bí ẹni òtútù ń mú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti ń mú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í. Àgbààgbà méjì láti ìdílé wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lọ́yà wà ní kóòtù, ó ti fi iṣẹ́ náà lé akọ̀wé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni akọ̀wé yìí, àmọ́ Accra ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, kò sì dé ibẹ̀ rí. Gã ni ó fi ń ronú. Yorùbá rẹ̀ yé wa, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró láàárín ọ̀rọ̀ kó tó rí èyí tó kù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba ní, "Gbé ìwé wá, kí ó tẹ̀ ẹ́, ká máa lọ. Ẹ ò rí i pé ara rẹ̀ ò yá?"

Akọ̀wé fi Gã dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i. Tí mo bá gbé èyí tí mi ò tíì kà fún un, tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ibo la ó ti rí i kó tún un tẹ̀?"

Ó wá jókòó, ó sì ní kí ọmọbìnrin tó ń tẹ táípù mú èyí tí lọ́yà fọwọ́ kọ. Ọ̀kan ń kà sókè, èkejì ń fi ojú bá a lọ. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà nílé ìwé, n kò gbọ́ gbogbo Òyìnbó tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀nà tó gbà ń ṣe é, ó sì wọ̀ mí lójú. Ó kọ́kọ́ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tí èèyàn á ti mí. Lẹ́yìn náà ló tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, tó ka nọ́ńbà nìkan. Kò wo ohunkóhun mìíràn. Ó ń fi ìka fo ọ̀rọ̀ kọjá bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Àkọ́kọ́ tó rí, ẹ̀rín ló fi rí i. Lókè ojú ewé kìíní, wọ́n kọ Ghana. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ Gold Coast, orúkọ tí ìlú náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti wo ìwé àtijọ́ kan tẹ̀ ẹ́.

Akọ̀wé ní, "Ìyáàfin, ìlú méjì lo gbé wa sí."

Ọmọbìnrin náà ní, "Ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ pé a ti gba òmìnira."

Àwọn àgbààgbà rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Akọ̀wé fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí i.

Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ti ki ìpínrọ̀ kan bọ àárín, èyí tó sọ pé àwọn aládùúgbò lè máa gba ẹ̀bá ilẹ̀ náà lọ sí odò, kò sì sẹ́ni tó rántí pé gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti sún sísàlẹ̀. Ìparí ìwé ń tọ́ka sí ìpínrọ̀ kẹrin fún ọ̀rọ̀ ààlà, bẹ́ẹ̀ ààlà ti di ìkarùn-ún. Ó tún un ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá, tí baba ò lè dìde, ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé. Rìsíìtì tí ìdílé fún wa fún owó tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Akọ̀wé sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá, ó ń wá ọ̀rọ̀. "Màmá, ìwé yìí ń sọ pé wọ́n ti gba owó tán… kó tó di pé wọ́n gbà á tán. A ó fi àyè ọjọ́ sílẹ̀. Tí baba bá tẹ̀ka ni mo máa kọ ọjọ́ òní sí i."

Ó dé ibi ìwọ̀n. Níbi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́, ọgọ́rin ẹsẹ̀ bàtà ni ìbú ilẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fi nọ́ńbà kọ ọ́, àádọ́rin ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba fò dìde. "Àádọ́rin ni! Àádọ́rin la tà!"

Ìyálé mi ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé ìwọ lo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni?"

Ó ní, "Ẹ̀yin Alata, tí wọ́n bá fún yín ní ìka, ẹ ó gbé apá." Alata ni àwọn Gã ń pe àwa Yorùbá.

Akọ̀wé kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tú pálàánì tí awọnlẹ̀ yà, èyí tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé, ó tẹ́ ẹ síwájú baba àgbà. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà láti òpó kan dé òpó kejì. Ọgọ́rin ni awọnlẹ̀ kọ síbẹ̀. Baba la ojú, ó wò ó pẹ́. Ó ní òun alára ló dúró sídìí òpó yẹn lọ́jọ́ náà, igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tún nọ́ńbà wọn ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ báyìí pé èèyàn lè rí ihò nínú ìwé yẹn. Láti ìgbà náà ló ti ń tẹ́tí.

Akọ̀wé wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń ka orúkọ nìkan. Ó ka ti baba. Ó ka ti ọkọ mi, mo sì wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Agúntáṣọ́ọ́lò. Ó kà á bí ẹni ń ka orúkọ olóyè, láìsí ẹ̀rín kankan. Ó ṣí ojú ewé kejì, níbi tí wọ́n ti mẹ́nu ba rìsíìtì, ó pe orúkọ mìíràn, orúkọ àbúrò ọkọ mi gan-an. Ní ìparí, níbi tí àwọn tó rà á máa fọwọ́ sí, orúkọ gan-an yẹn náà ló wà níbẹ̀.

Ó tún ojú ewé kìíní ṣí.

"Màmá, ẹni méjì ni ẹ sọ pé ó rà á. Mo rí mẹ́ta níbí."

Ìyálé mi fi aṣọ bo ẹnu. Òun ló wá fún wọn ní orúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Wọ́n ti mọ ti ọkọ wa tẹ́lẹ̀, akọ̀wé wá bi í pé kí ni orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀, ó sì dáhùn bí yóò ṣe dáhùn níbikíbi. Akọ̀wé tó bá dàgbà nílé á ti rẹ́rìn-ín, á ní, "Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo ń bi yín." Èyí kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ó tilẹ̀ bi í bóyá ó kọ ọ́ dáadáa. Orúkọ tó wà lẹ́yìn, inú rìsíìtì ni lọ́yà ti rí i.

Ìyálé mi ní, "Ẹnì kan náà ni."

"Èwo wá ni orúkọ rẹ̀?"

"Èyí tí o kà kẹ́yìn."

"Ẹ pè é fún mi, màmá, kí n gbọ́ ọ."

Ìyálé mi kàn mi orí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba ti dìde. "Ẹ ò rí i? Ẹni tí wọ́n ń ra ilẹ̀ fún, wọn ò mọ orúkọ rẹ̀! Ta ni ẹnì kẹta yìí? Lọ́la ó máa yọjú, á ní òun náà rà á. Ataa, bàbá wa, ẹ dìde ká lọ. Tí ẹ bá ti ọsibítù dé, wọ́n á ti mọ iye tí wọ́n jẹ́."

Akọ̀wé yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́?"

Orúkọ náà wà ní ahọ́n mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ tèmi. Bí mo bá pè é, ó ṣe tán, ta ló máa gbọ́? Ìyálé mi nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó, mo rí i pé ó ń wò mí, mo sì mọ̀ pé bí orúkọ yẹn bá jáde lẹ́nu mi, ibi tó bá jáde dé, n kò ní lè kó o padà. Ìyàwó ọdún kan ni mí. Mo ní, "Ẹnì kan náà ni wọ́n."

Akọ̀wé mi kanlẹ̀. Ó ní òun gbà wá gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kan náà tó fún òun ní ti àkọ́kọ́ ló tún ń fún òun ní ti èkejì, ìyẹn ò sì tó fún òun láti yí ojú ewé kìíní padà níwájú àwọn tó ta ilẹ̀. Ó ní kí a wá ẹni tó lè pè é, ẹni tó mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Ẹnì kan ló wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wa obìnrin ni, ọmọ ìyá wọn kan náà, tó ń ta abọ́ tánganran níwájú ilé kan ní Cow Lane. Ọmọ ilé ni. Ó lè pe àbúrò rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti gbọ́ lẹ́nu ará ìta pé àwọn àbúrò òun ra ilẹ̀ láìsọ fún òun, kò jẹun nílé wa mọ́. Ọdún iléyá, a gbé ẹran fún un, ó ní kí a gbé e lọ fún ilẹ̀ wa kó jẹ ẹ́.

Ìyálé mi ní, "Ìyàwó, lọ pè é."

Mo sáré. N kò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Mo bá a níbi tó ti ń lu abọ́ kan létí, kí oníbàárà lè gbọ́ pé kò sán. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó ń tà lọ. Ó fi ewé bébà wé abọ́, ó fún oníbàárà ní ṣéńjì, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló tó wò mí.

"Ilẹ̀ tí ẹ rà lẹ́yìn mi ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá wa."

"Orúkọ lásán. Ṣé o ò lẹ́nu ni? Pè é."

Mo dojú bolẹ̀.

"Pè é kí n gbọ́."

N kò pè é. Mo kàn ní, "Wọ́n fẹ́ gbé baba náà lọ, Ìyá wa."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún obìnrin tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun wojú ọjà, ó sì tún gèlè rẹ̀ wé láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú ibì kankan. Mo tẹ̀lé e lẹ́yìn. N kò gbọdọ̀ ní kó yára.

Nígbà tí a dé, wọ́n ti gbé baba dìde, ọwọ́ rẹ̀ kan wà léjìká ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò di ọ̀nà mọ́ wọn, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ wa wọlé, ó kí baba ní Gã, ó kí àwọn àgbààgbà. Kò kí ìyálé mi. Ó ní, "Kí lẹ kọ?"

Akọ̀wé ka ti ojú ewé kìíní fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Agúntáṣọ́ọ́lò! Ta ló bí ìyẹn? Èmi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ gbọ́ ọ! Àwọn tiwọn alára!"

Ìyálé mi di etí tábìlì mú. Mo rò ó pé bí yóò ṣe gbẹ̀san nìyí, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sọ, yóò sì padà sídìí abọ́ rẹ̀.

Ó yíjú sí ọmọkùnrin náà. "Jókòó. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Ó wá pe orúkọ náà. Èyí tí bàbá wọn sọ ọ́ ló kọ́kọ́ pè, èyí tí àlùfáà sọ ọ́ tẹ̀lé e, ti bàbá wọn ló fi parí rẹ̀. Ó pè é sókè, ó pè é lọ́nà tí n kò gbọ́ ọ rí, bí ẹni tó ń pe ọmọ wálé láti ìta. Ó ní, "Ẹ̀yìn mi yìí ló gùn dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Orúkọ tí àwọn ìyàwó ń pè é nìyẹn tí o kà. Èyí tó kù ni tirẹ̀. Àwọn ìyàwó wa kì í pe orúkọ ọkọ wọn, ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún ọ nílé yín?"

Akọ̀wé gbé ìwé sókè. "Ṣé bí mo ṣe kọ ọ́ níbí nìyí, màmá?" Ó kà á, ó sì tún ka ti ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wa ní kó dúró. Ti ọkọ mi kò ní orúkọ bàbá wọn lẹ́yìn, orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó ní, "Bàbá kan ló bí àwọn méjèèjì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá." Akọ̀wé wo rìsíìtì, ó rí orúkọ bàbá wọn lẹ́yìn ti ọkọ mi níbẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba ní kí wọ́n fi pẹ́ẹ̀nì tún un ṣe tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n máa lọ. Akọ̀wé ní rárá. Orúkọ ẹni tó ra ilẹ̀, a kì í fi pẹ́ẹ̀nì pa á rẹ́ lójú ewé kìíní. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ mìíràn lè sọ pé lẹ́yìn tí baba tẹ̀ka tán la pa á. Wọ́n ní láti tún gbogbo ojú ewé tó ní àṣìṣe tẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ki bébà àti kábọ́ọ̀nù bọ inú táípù. Ohùn táípù nìkan là ń gbọ́, àti èémí baba. Nígbà kan ojú rẹ̀ pa dé, orí rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà dìde gìrì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wa ló tọ̀ ọ́ lọ, tó bọmi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, tó ń sọ fún un ní Gã pé, "Ataa, ó kù díẹ̀. Ẹ má lọ síbì kankan."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Mo rò pé ó parí. Akọ̀wé tún jókòó, ó tún ka àwọn ojú ewé tuntun náà láti ìbẹ̀rẹ̀: orúkọ, ó dé ìparí, nọ́ńbà, ó dé ìparí. Mo fẹ́ pariwo. Ìgbà tí ohun gbogbo bára mu ló tó fi Gã ṣàlàyé rẹ̀ fún baba, ìpínrọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ó sì bi í bóyá ó yé e. Baba ní ó yé òun. Wọ́n fi àtàǹpàkò rẹ̀ kan yíǹkì, akọ̀wé bá a di ọwọ́ mú, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbààgbà tẹ tiwọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló mọ̀wé nínú wọn. Ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú ojú tó dì. Akọ̀wé wá kọ ọjọ́ náà sí àyè tó ti fi sílẹ̀.

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ wa. "Màmá, mo nílò ẹlẹ́rìí kan láti ọ̀dọ̀ yín. Ṣé ẹ máa bá wa tẹ̀ ẹ́?"

Ó wo ìwé náà. Ó bi í pé, "Lórí ìwé ilẹ̀ yìí gan-an?"

"Lórí rẹ̀ gan-an, mo máa kọ orúkọ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ó ki àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé ó fẹ̀ ju ti gbogbo àwọn ọkùnrin lọ. Nígbà tí akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ tán, ó ní kó kà á fún òun. Ó tún ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Baba náà kò jáde ní ọsibítù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di olórí lóòótọ́, agbaṣẹ́ṣe náà sì da yanrìn rẹ̀ sórí ilẹ̀ wa. Ọkọ mi gbé ìwé lọ bá wọn. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tiwọn, ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kó yanrìn wọn. Wọn kò sọ ohun tí lọ́yà wọn wí, a kò sì bi wọ́n.

Ilé tí a kọ́ síbẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Bí ìwé kan bá fẹ́ wọlé wa, n kì í tijú: mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ka orúkọ nìkan fún mi, láti ojú ewé kìíní títí dé ìparí, kí wọ́n tó ka ohun mìíràn. Wọ́n á ní, "Ìyá àgbà, a ti rí i." Mo ní kí wọ́n tún un kà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ wa tẹ̀lé wa dé yàrá wa ní Cow Lane. Ìyálé mi kò sọ pé kó jẹun, ó kàn bu oúnjẹ ẹni mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wa jẹ tirẹ̀ tán, ó ní iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ní kí n bu omi wá, kí n sì sọ fún Agúntáṣọ́ọ́lò, tó bá dé, pé òun ti pè é lọ́jọ́ náà, kò dáhùn.